PLAB 1, ìdánwò àwọn dókítà tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní UK: ìbéèrè 180 ní wákàtí 3, báwo ni kí n ṣe pín in?

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo gbé aago síwájú nílé, ìbéèrè 148 ni mo bá a dé tí wákàtí 3 fi pé. Tí mo bá kan èyí tó ta kókó, mi ò lè fi í sílẹ̀. Ṣé kí n máa fò ó ni, àbí kí n máa méfò?

Dókítà Alẹ́: Tí o bá lo odindi ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè àtipadà ò sí. Nígbà tí wákàtí kan bá pé, kí o ti ṣe 70. Tó bá pé méjì, kí o ti ṣe 140. Wàá parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 155. Tó bá jẹ́ 62 lo wà ní wákàtí àkọ́kọ́, má torí ẹ̀ máa sáré kàwé. Àwọn tó ń dá ọ dúró ni kí o tètè kọjá lórí wọn.

Má fò ó lófo. Kùn lẹ́tà ìdáhùn kan, kí o tó kọjá. Tó bá ku lẹ́tà méjì tí o ń ṣiyèméjì lé, sàmì sí i, kí o padà wá. Èyí tí o kò mọ̀ rárá, má sàmì sí i. Ìmọ̀ rẹ̀ kò ní wá bá ọ lórí àga.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Àméfò ń jẹ máàkì o. Fi èyí tí o kò mọ̀ sílẹ̀, má sì yí ìdáhùn àkọ́kọ́ padà láé.

Dókítà Alẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n ti ń yọ máàkì lẹ ń sọ. PLAB 1 kì í yọ ọ́. Lẹ́tà márùn-ún ni: tí èèyàn bá méfò mẹ́wàá, ó lè rí bíi méjì, tó bá ti dín wọn kù sí méjì-méjì, bíi márùn-ún. Ní ti yíyí padà, ẹ wo ìbéèrè nípa obìnrin tó ní àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ ti mú oògùn náítírófúrántóìnì ní ìdáhùn, ẹ wá padà rí i pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 38, ìgbà tí oògùn yẹn kò yẹ ẹ́ mọ́. Ẹ ò ní yí i? Tó bá jẹ́ àyà ló kàn ń já yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi fẹ́ ṣe JAMB, 180 náà ni tiwọn. Ṣé kó lo 70 yẹn?

Dókítà Alẹ́: Rárá mà, wákàtí 2 ni tiwọn. 90 ni wákàtí kan máa gbà, láìtíì yọ àyè àtipadà.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé mo lè dáhùn sínú ìwé ìbéèrè, kí n wá kùn gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìdáhùn lẹ́yìn?

Dókítà Alẹ́: Wọn kì í fi àkókò kún un fún ìyẹn. Bí o ṣe ń ṣe é ni kí o máa kùn ún. Lẹ́yìn mẹ́wàá-mẹ́wàá, wò ó bóyá nọ́ńbà ìwé méjèèjì bára mu. Ìlà kan ṣoṣo tó bá yẹ̀ á ba gbogbo tìsàlẹ̀ jẹ́.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ṣé wọ́n tiẹ̀ gbà kéèyàn sàmì sínú ìwé ìbéèrè yẹn?

Dókítà Alẹ́: Kó bi alábòójútó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.