Báwo ni kí bàbá ìyàwó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi àsè?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n sì fún mi láti sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú.

Níbi àsè kan láìpẹ́ yìí, bàbá ìyàwó ń kí àwọn ìjòyè, lẹ́mọ́ọ̀mù àti ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ olùdarí ètò ti kí gbogbo wọn tán. Kó tó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ìrẹsì ti dé orí tábìlì, kò sẹ́ni tó tún ń gbọ́ ọ mọ́.

Ní tèmi, mo fẹ́ kí gbogbo àgbà lápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n yíjú sí àwọn àna, kí n wá fi oríkì pe ọmọ mi. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin àna wa, ẹ káàbọ̀, inú wa dùn sí yín. Àbẹ̀kẹ́, láti kékeré lo ti ń bá ìyá rẹ pàtẹ ẹja kó o tó lọ sílé ìwé. Ọkọ rẹ rí akíkanjú fẹ́."

Lẹ́yìn náà, ọpẹ́ àti àdúrà ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni wá, Èkó-Ẹ̀pẹ́ làwọn àna. Ó ní bí mi ò bá dárúkọ àwọn ìjòyè ìhà méjèèjì, wọ́n lè bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọmọ fọ́kọ, ṣé "ẹ̀yin àgbà" yẹn tó? Àbí kí olùdarí ètò dárúkọ wọn kó tó gbé gbohùngbohùn fún mi?