Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti délé: èwo ni kí n jù sínú rẹ̀, èwo ni kí n fọwọ́ fọ̀?

Ìyá Móyọ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú. Aṣọ ìbora nìkan ni mo tíì fi fọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí. Nínú àpótí mi, àdìrẹ méjì wà, bùbá léèsì olókùúta kan, aṣọ òkè tí mo fi ṣègbéyàwó, agbádá gínnì ọkọ mi, ànkárá rẹpẹtẹ àti súwẹ́tà wúlù kan. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló lè wọ ẹ̀rọ? Ìbàdàn là ń gbé.

Bàbá Òkè-Àdó:
Ọmọ mi, èyí tó ní ihò méjì lókè ni kí ẹ rà. Bí omi ò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, garawa lẹ máa fi bù ú sí i. Onílẹ̀kùn iwájú kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Móyọ̀:
Ẹ ṣé, Bàbá. Ó ti wà nílẹ̀ báyìí, aṣọ ni mò ń béèrè.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ jẹ́ ká yọ èyí tó rọrùn kúrò ná. Ànkárá yín, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ kó àwọn tí àwọ̀ wọn jọra pọ̀, omi tútù, ó parí. Èyí tó bá jẹ́ tuntun nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ dá fọ̀.

Àdìrẹ ló ní ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ò lè ya á, òwú tó le ni. Aró ibẹ̀ ni wàhálà: gbogbo rẹ̀ kọ́ ló wọnú òwú, púpọ̀ nínú rẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ni, bí nǹkan bá sì ti ń gbo ó, ó ń bọ́. Gbígbo sì rèé, iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ wá etí aṣọ níbi tí ojú ò tó, ẹ kán omi ọṣẹ sí i, ẹ gbé áńkáṣíìfù funfun lé e, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ẹ ka ení dé ọgọ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ fi gbo ó lẹ́ẹ̀mẹta. Bí áńkáṣíìfù bá ṣì funfun, ó lè wọ ẹ̀rọ. Bó bá ti búlúù, ì báà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ni, nínú bàsíà tirẹ̀ nìkan. Ẹ má fún un lọ́rùn, ẹ tẹ omi jáde lára rẹ̀, kí ẹ sì sá a síbi òjìji.

Aṣọ òkè, ẹ má tilẹ̀ rì í bomi rárá, ì báà ṣe ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ. Òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀. Òwú tí wọ́n fi hun ún àti òwú tí wọ́n fi rán an kì í súnkì bákan náà, òwú tó ń dán tí wọ́n fi ṣọnà sí i kì í súnkì rárá. Ẹ máa rí i tí ojú ìrán á máa wú bí ojú òkun. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyàwó tó gbé irú rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú omijé, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Ẹ sá a sí atẹ́gùn, kí ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin nu ibi tó bá dọ̀tí. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń fi kẹ́míkà fọṣọ láìlo omi.

Ọmọ Aláró:
Ìdílé aláró ni mo ti wá. Ẹ da iyọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan sínú omi tútù, ẹ rẹ àdìrẹ sínú rẹ̀ di àárọ̀. Iyọ̀ máa di aró náà mú, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa jù ú sínú ẹ̀rọ. Ẹ má sì fi omi gbígbóná kàn án láé.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ti omi tútù, òótọ́ ni. Ti iyọ̀ ni mi ò gbà. Nígbà tí wọ́n bá ń pa àwọn aró òyìnbó kan láró, iyọ̀ máa ń ti àwọ̀ wọnú òwú. Aṣọ tó ti jáde lára aró, iyọ̀ ò rí nǹkan dì mú mọ́. Èyí tó ràn sínú omi di àárọ̀ yẹn gan-an ni ó yẹ kó bọ́, òun ló jẹ́ kó dà bíi pé iyọ̀ ló ṣiṣẹ́.

Ọmọ Aláró:
Ìyá mi ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí yín o. Àdìrẹ wọn ò ṣí.

Dúpẹ́ Akọ́bọ̀:
Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: iná. Mo ju ìró àdìrẹ kan àti bùbá funfun ọkọ mi sínú ẹ̀rọ pọ̀, mo ti dán ìró náà wò, àwọ̀ rẹ̀ ò ràn. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, iná lọ. Ilẹ̀kùn tì pa, omi wà nínú rẹ̀, mi ò lè ṣí i. Iná ò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bùbá náà dà bí ojú ọ̀run, búlúù yíká ọrùn níbi tí ìró ti sùn lé e. Ìṣẹ́jú kan tí mo fi dán an wò ò jọ wákàtí méjìdínlógún nínú omi. Láti ìgbà náà, ohun aláwọ̀ dúdú kì í wọ ẹ̀rọ mi pẹ̀lú funfun mọ́, ohun yòówù kí áńkáṣíìfù sọ.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé, Àǹtí. Mi ò ronú kan ìyẹn, jẹnẹrétọ̀ máa ń wà létí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yín wò nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ onílẹ̀kùn iwájú ní ìdérí kékeré kan níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ẹ ṣí ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, omi máa jáde sínú abọ́.

Kọ́lá Péckham:
Ti súwẹ́tà, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ju èyí tí wọ́n fi wúlù hun sínú ẹ̀rọ, mo sì fi ooru omi sí 60. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó sì le bíi bàtà. Irun wúlù ní ìpẹ́ bí ẹja. Bí ooru, omi àti gbígbo bá pàdé, ìpẹ́ á kọ́ ara wọn, kò sì ní tú mọ́. Ẹ wo àkọlé inú aṣọ: abọ́ tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀ túmọ̀ sí ọwọ́ nìkan, abọ́ tí wọ́n fi ìlà dábùú túmọ̀ sí ẹ má fọ̀ ọ́. Bí ìlà méjì bá wà lábẹ́ abọ́, ẹ̀rọ lè fọ̀ ọ́ lórí ètò tó rọra jù.

Ìyá Móyọ̀:
Ẹ kú ọpọ́n. Léèsì àti agbádá ńkọ́?

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Léèsì, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn òkúta. Bí òwú bá gba ibẹ̀ kọjá, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá rí òwú, gọ́ọ̀mù ni, omi gbígbóná á tú u. Onígọ́ọ̀mù, ọwọ́, omi tútù. Onítòwú, bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í bá ṣe àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ lè sọ ọ́ sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ fi ooru omi sí 30, kí yíyípo tí ẹ̀rọ fi ń fún omi jáde má ju 600 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Agbádá, iṣẹ́ ọnà ọrùn ni kí ẹ bẹ̀rù. Wọ́n fi aṣọ líle sí abẹ́ rẹ̀, èyí máa ń súnkì ju gínnì lọ, ọrùn á wá ká jọ. Ọwọ́ ni mo máa fi fọ̀ ọ́.

Dúpẹ́ Akọ́bọ̀:
Ti ọkọ mi ti wọ ẹ̀rọ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ọrùn rẹ̀ ò ká. Dídán rẹ̀ nìkan ló lọ.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Bóyá télọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ aṣọ líle náà sómi kó tó rán an. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ kì í ṣe é.

Ìyá Móyọ̀:
Mo ti dán àdìrẹ méjèèjì wò láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan fi àmì búlúù sílẹ̀, ìkejì ò ràn rárá. Mo yẹ ẹ̀yìn òkúta léèsì náà wò, ìdajì ní òwú, ìdajì ò ní. Mo máa pe télọ̀ ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ ọrùn agbádá.