Ìyá èsúsú fẹ́ yọ ₦5,000 nínú owó mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọwọ́ mẹ́wàá la wà nínú èsúsú wa n'Ílọrin. ₦5,000 là ń dá lọ́sẹ̀, ẹni tó bá kàn á kó ₦50,000. Lọ́sẹ̀ kẹfà, mò ń lọ Ọ̀fà, mo bá san ti ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ ₦10,000 náà sí nínú ìwé mi, ìyá èsúsú ò sì fọwọ́ sí i. Ó ti wá kàn mí báyìí, wọ́n ní ìwé tiwọn ò fi ọ̀sẹ̀ keje hàn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó kó lọ́sẹ̀ keje ní ₦50,000 pé lọ́wọ́ òun! Ṣé ẹ̀rí yẹn tó, àbí wọ́n lè ní àwọn ló fi tiwọn dí i? Ẹ̀yin tó ń kọ ìwé tiyín, ṣé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ní ìlà tiẹ̀, kódà bí ẹ bá san pọ̀?