Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó àdánù sáìtì Àkúrẹ́

"Kíláyẹ́ǹtì pẹ́ kó tó ṣí ẹ̀yìn sáìtì fún wa, ṣé mo lè gba owó àdánù?"

Ohun tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn. Kíláyẹ́ǹtì ti sanwó o, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní àfikún ọjọ́ ò túmọ̀ sí owó, òótọ́ lẹ sọ, lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ tí géètì wà ní títì àti dáyárì sáìtì ló gbà mí. Míkísà, èmi ni mo ni ín, kíúẹ́sì wọn tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ò fún mi ní iye háyà, owó bó ṣe ń gbó nìkan ló gbà. Bíríkìlà tí mo kó lọ síwájú sáìtì, kò sí kọ́bọ̀, ṣebí wọ́n ṣiṣẹ́. Èrè tí ẹnì kan ní kí n fi kún un, wọ́n fagi lé e. Bọ̀dá tó ń sọ ti òjò Oǹdó, ìyẹn lè fún yín lọ́jọ́, kì í ṣe owó. Ìnáwó ọ́fíìsì la ṣì ń fà.