Èèrà ló fi ọ̀nà ikán hàn mí

Ọmọ Òkè Ògùn: Ẹ̀yin ará, ọmọdé ni mo ṣì wà ní Ṣakí nígbà tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀nà èèrà. Ọ̀gán kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ga ju àgbàlagbà lọ. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì ti ń wọ àká. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó ń fi iṣẹ́ ikán pípa jẹun.

Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ oògùn rárá. Wọ́n ní kí n jókòó sábẹ́ máńgòrò, kí n máa wo èèrà. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, mo rí àwọn èèrà dúdú ńlá tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ẹnu wọn ṣófo. Wọn ò yà sídìí ọ̀gán, ẹsẹ̀ ògiri ilé ìdáná ni wọ́n lọ. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Kékeré pé wọ́n ti ṣìnà.

Wọ́n ní, "Wọn ò ṣìnà. Dúró dè wọ́n, kí o wo ẹnu wọn bí wọ́n bá ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn tó tóbi di ikán mẹ́ta, mẹ́rin pọ̀ mọ́ ẹnu. Mo rí ọ̀kan tó gbé èkejì rẹ̀, orí ikán ṣì há mọ́ ẹni tí wọ́n gbé náà lẹ́sẹ̀. Bàbá Kékeré ní ara ọ̀gán le, àwọn jagunjagun ikán sì ń ṣọ́ inú rẹ̀, nítorí náà ibi tí ikán ti ń jẹun ni èèrà yìí máa ń ká wọn mọ́. Wọ́n fi àdá ha ẹsẹ̀ ògiri níbi tí èèrà ti yọ. Pákó àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ikán sì ń gbá yìn-ìn lábẹ́ rẹ̀. A ò bá má mọ̀ láéláé.

Ní ti ọ̀gán, irin gígùn ni wọ́n fi òòlù gbá wọ inú rẹ̀ láti òkè. Irin á kọ́kọ́ le, lójijì á rọ̀ wọlé. Ìgbà yẹn ló tó kan ihò àárín. Bí èèyàn bá da oògùn sí ara rẹ̀ lóde, amọ̀ á mu ún tán. Omi oògùn kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì ni wọ́n rọra dà sínú àwọn ihò náà, wọ́n sì ní kí ìyá mi sé adìyẹ mọ́lé kí wọ́n má bàa ṣa òkú ikán jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lu ihò kan tó tó ìkúùkù sára ọ̀gán. Nígbà tó di òwúrọ̀, amọ̀ tútù ti dí i. Ikán ṣì wà láàyè nìyẹn. Wọ́n tún gbẹ́ apá kejì, wọ́n da oògùn sí i. Lọ́tẹ̀ yìí ihò ò dí mọ́, èèrà pupa kéékèèké sì ń wọ inú rẹ̀ lófìfo, wọ́n ń gbé ikán funfun jáde. Bàbá Kékeré ní kò sí ẹ̀ṣọ́ mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò ní ọ̀gán, èèrà ló wọ inú ṣúgà mi. Kí ni kí n dà sí i?

Ọmọ Òkè Ògùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má da nǹkan kan sínú oúnjẹ. Ẹ tẹ̀lé àwọn tó gbé ṣúgà, kì í ṣe àwọn tó ń bọ̀ wá gbé e. Àwọn ni yóò mú yín dé ihò wọn. Ẹ fi ọṣẹ nu ọ̀nà náà, kí ẹ sì dí ihò.

Káfíńtà Ìlú: Gbogbo wàhálà yìí kọ́! Ẹ gbẹ́ ayaba ikán jáde nínú ọ̀gán, ó parí. Èyí tí a yọ nílé oníbàárà mi sanra ju ìka mi lọ.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Káfíńtà, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Inú yàrá amọ̀ líle, nísàlẹ̀ láàárín gbùngbùn, ni ayaba àti ọkọ rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá gé orí ọ̀gán nìkan kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ikán á sì tún un mọ. Mo sì ti gbẹ́ ọ̀gán tí mo bá ayaba méjì nínú rẹ̀. Ọmọ Òkè Ògùn, èèrà kéékèèké náà lè wọ apá tó ti kú kí apá kejì ṣì máa mí. Ihò ìkúùkù yẹn ni mo gbọ́kàn lé jù, ẹ lù ú ní ẹ̀gbẹ́ méjì ó kéré tán. Ní ti oògùn, ẹ má dà á nítòsí kànga o.

Káfíńtà Ìlú: Tiwa ò tíì padà di òní, ayaba kan ṣoṣo la sì yọ.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Ẹ tún lù ú wò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.