Kí la ó pe H nígbà tí a bá ń ṣa tòmátì pupa nínú fọ́tò?

Àdùnní:
Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká pe H, S àti V ní Yorùbá, ìyẹn hue, saturation àti value, nọ́ńbà mẹ́ta tí HSV fi ń sọ àwọ̀ píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan? Ìlànà ṣíṣa tòmátì tó pọ́n nínú fọ́tò ni mo ń kọ. "Àwọ̀" ni mo pe H, mo sì fún un ní 0 sí 10 nínú OpenCV, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tòmátì ń sọnù, ilẹ̀ sì ń wọlé.

Túnjí:
"Àwọ̀" ti tó. Fẹ̀ ẹ́ dé 20, kò ní sọnù mọ́.

Ọ̀gá Délé:
Túnjí, o gba ibì kan, o ṣi ibì kan. Bó bá fẹ̀ ẹ́ dé 20, èyí tó ṣì ń pọ́n bọ̀, tó ní àwọ̀ ọsàn, á wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó sọnù yẹn kò sí lókè 10, ẹ̀yìn òdo ló wà. Nọ́ńbà H kò tò gbọọrọ bíi ti rúlà, ó tò yíká bíi ti ojú agogo. Gbogbo yíká rẹ̀ jẹ́ 360 dígírì, OpenCV sì pín in sí méjì kó lè gba inú báìtì kan, ìdí nìyẹn tó fi parí sí 179. Ibi tí 179 ti fara kan 0 gan-an ni pupa jókòó sí.

Ẹ wo píkísẹ́lì méjì lára tòmátì kan ṣoṣo. Níbi tí oòrùn ti ń pa á, R jẹ́ 200, G 50, B 30. H rẹ̀ á jẹ́ 4. Ní ẹ̀gbẹ́ òjìji, níbi tó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan ló ń tànmọ́lẹ̀ sí i, R jẹ́ 190, G 30, B 45. B ti ga ju G lọ, nítorí náà H bọ́ sẹ́yìn òdo, ó di 177. Àlà méjì lẹ nílò:

```python
hsv = cv2.cvtColor(img, cv2.COLOR_BGR2HSV)
a = cv2.inRange(hsv, (0, 170, 60), (8, 255, 255))
b = cv2.inRange(hsv, (170, 170, 60), (179, 255, 255))
mask = a | b
```

Ẹ má kọ 170 sí 8 sínú `inRange` kan ṣoṣo o, òfo ló máa gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣèèṣì kọ `RGB2HSV` sí fọ́tò tí `imread` kà, pupa á sá lọ sí nǹkan bí 120.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé tòmátì ọbẹ̀ lẹ ń wí? Ẹ má wo orí rẹ̀ nìkan. Ìdí ló kọ́kọ́ ń pọ́n, èjìká rẹ̀ lẹ́bàá igi lè ṣì ní àwọ̀ ewé. Ìdí ni kẹ́ ẹ yí sókè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àdùnní:
Mà, kámẹ́rà kò lè yí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín wúlò: bí a bá yà á láti òkè, èjìká nìkan la ó rí. Ọ̀gá, ilẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀gá Délé:
Ibẹ̀ ni "àwọ̀ pupa" ti ń ṣì wá lọ́nà. Lẹ́nu wa, epo pupa, ilẹ̀ pupa, tòmátì pupa, pupa ni gbogbo wọn. Ẹ mú ilẹ̀ tí R rẹ̀ jẹ́ 150, G 90, B 60: H rẹ̀ jẹ́ 10, ó ti wọ inú 0 sí 10 tí ẹ kọ́kọ́ lò. S rẹ̀ sì jẹ́ 153, nígbà tí ti tòmátì inú oòrùn yẹn jẹ́ 217. Ìdí nìyí tí mo fi fi 170 ṣe ìsàlẹ̀ S. H nìkan kò lè yà wọ́n. "Ipò àwọ̀" ni màá pe H, torí ibi téèyàn dúró sí lójú yíká yẹn ló ń sọ. Kí S jẹ́ "ìkì àwọ̀", kí V jẹ́ "ìmọ́lẹ̀".

Túnjí:
"Ìkì" kẹ̀? Ẹ̀kọ ló ń ki.

Ìyá Ìbejì:
Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ti lọ, à ní ó ti ṣá. Ẹ pè é ní "àìṣá".

Ọ̀gá Délé:
Ó dùn létí, Ìyá, àmọ́ bí S bá di 0, ṣé "àìṣá òdo" la ó wá sọ? Kí ẹni tó ń kà á tó tú u, á ti ka òdì.

Àdùnní:
Mo mú "ipò àwọ̀". Mo ti lo àlà méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ tó sọnù ti padà, ilẹ̀ sì ti jáde. Ihò kékeré kan ló kù láàrin tòmátì kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti ń dán.

Ọ̀gá Délé:
Dídán yẹn funfun ni. S rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, H rẹ̀ kò sì ní ìtumọ̀ kankan mọ́. Ẹ má torí ẹ̀ fa S wálẹ̀, ilẹ̀ á padà wọlé. Ẹ fi `cv2.MORPH_CLOSE` dí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti so àlà méjèèjì pọ̀.

Túnjí:
"Ìkì" yẹn ṣì ń dà mí láàmú o. Ta ló tún ní òmíràn?