Ìwé ìfijíṣẹ́ 4412 ò sí nínú fáìlì: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ ọ́díìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ọdún ìṣirò oníbàárà wa parí. Nígbà tí wọ́n ń ka ọjà lọ́jọ́ náà, mo kọ nọ́ńbà ìwé ìfijíṣẹ́ tó jáde kẹ́yìn sílẹ̀: 4417.

Títà tí wọn ò kọ sílẹ̀ ni mò ń wá, nítorí náà ìwé ìfijíṣẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé ínfọ́ìsì àti lẹ́jà. (Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́jà ò lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀.) Ọjà 4409 dé ọwọ́ ẹni tó rà á ní ọjọ́ 30, àmọ́ ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ni wọ́n kọ ínfọ́ìsì rẹ̀. Ọjà ti kúrò nínú èyí tí wọ́n kà, owó títà rẹ̀ ò sì sí nínú ọdún náà. Ìyẹn yé mi, wọn yóò tún un ṣe.

4412 gan-an ni ìṣòro. Akọ̀wé ní wọ́n fagi lé e, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀dà kankan fi hàn mí. Mo fẹ́ yẹ ìwé ẹnu géètì àti káàdì ọjà wò, kí n sì wá owó oṣù Kìíní tí kò ní ínfọ́ìsì. Ṣé ìyẹn tó, àbí kí n wá nọ́ńbà tó fò ní gbogbo ọdún, dípò ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn tí mo mú?